Bí A Ṣe Ń Tún Àlàyé Ọjà Kọ Láìsọ Ìlérí Kan Náà Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́bàá ìsọ̀ aṣọ kan ní Tẹ́júoṣó, ní Yábàá, kí ẹ máa wo ọwọ́ àwọn oníbàárà. Kí obìnrin kan tó béèrè iye bùbù àdìrẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ó ti fi ìka méjì ra aṣọ náà láti mọ bó ṣe nípọn tó. Ó ti yí i sódì, ó ti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti fà á lójú rírán. Ó ti gbé e lé àyà, ó sì ti wo ibi tó gùn dé lẹ́sẹ̀. Bí ara bá ń fu ú sí aró rẹ̀, á fi itọ́ díẹ̀ sí ìka, á fi ra etí aṣọ, á sì wò ó bóyá àwọ̀ máa bá ìka rẹ̀ lọ. Gbogbo èyí kò gbà tó ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń tà á kò tíì sọ ju "Ẹ káàbọ̀, mọ́mì" lọ.

Lórí fóònù, ọwọ́ yẹn kò sí. Fọ́tò wà, iye owó wà (bí ẹni tó ń tà bá ṣe tán láti kọ ọ́), àlàyé ọjà sì wà. Àlàyé ọjà ni ọwọ́ tí a yá oníbàárà. Ohun tí ìka rẹ̀ ìbá wá lára aṣọ ní Yábàá ni ojú rẹ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ wa, tí kò bá sì rí i níbẹ̀, á fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa tàbí kó kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí títa ọjà lórí ẹ̀rọ ayélujára ti di iṣẹ́ ní Èkó. Ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ níbí, lẹ́yìn wọn ni àìmọye oníṣòwò kéékèèké gbé ìsọ̀ wọn sórí Ínsítágíráàmù àti Wásáàpù. Ọ̀pọ̀ lára wọn mọ ọjà wọn dénú egungun. Síbẹ̀, tí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ máa rí i pé ìlérí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀wù fún: ó dára, ojúlówó ni, ó tọ́jọ́, kò lẹ́gbẹ́, ó dára gan-an.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá, n kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹni tó ń polówó ọjà láti Ojúẹlẹ́gba dé Lawanson ní láti tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, nítorí àwọn tó ń gbọ́ ọ ń yí padà. Ẹni tó gbọ́ igbe àkọ́kọ́ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ìkejì tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí ojú ewé ọjà wa kò rìn lọ. Ẹnì kan ṣoṣo náà ló ń ka ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìlà ìkẹyìn. Tó bá bá "ojúlówó" pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n fi ń búra tó báyìí.

Àlàyé kan láti Àgùdà

Oníṣòwò kan ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ti rán ló ń tà. Ó ní àwọn èèyàn ń wo ọjà òun dáadáa, wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà pọ̀ débi pé òun ń lo gbogbo ọ̀sán lórí fóònù, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó béèrè kò sì ní rà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ àlàyé rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí, mo ti fi nọ́ńbà síwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan:

1. Bùbù àdìrẹ tó rẹwà gan-an nìyí.
2. Ojúlówó àdìrẹ ni, kò sí ayédèrú níbẹ̀.
3. Aṣọ tó dáńgájíá ni, kò lẹ́gbẹ́.
4. Ó tọ́jọ́, kì í tètè gbó.
5. Gbogbo èèyàn ló bá mu.
6. Ó máa gbé ẹwà yín yọ láwùjọ.
7. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí rárá.
8. Aṣọ tó lágbára, tó máa bá yín kalẹ́ ni.
9. Ojúlówó nìkan là ń tà.
10. Ẹ tètè rà á, irú rẹ̀ kò sí mọ́ ní Èkó.

Nọ́ńbà tí mo fi sí i ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tẹ àlàyé yín jáde tàbí kí ẹ dà á kọ sínú ìwé, kí ẹ fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ wá fi bírò aláwọ̀ mìíràn kọ ìlérí tí gbólóhùn yẹn ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ. Ìlérí ni kí ẹ wò, kí ẹ má wo ọ̀rọ̀ tó gbé e wá, torí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tàn wá. "Ó tọ́jọ́" àti "ó máa bá yín kalẹ́" kò fi ọ̀rọ̀ kankan jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìlérí kan náà ni.

Nígbà tí a ṣe é fún àlàyé ti Àgùdà, gbólóhùn 1, 3, 6 àti 10 bọ́ sábẹ́ "ó dára". 2 àti 9 jẹ́ "ojúlówó". 4 àti 8 jẹ́ "ó tọ́jọ́". 5 sọ nípa ìwọ̀n, 7 sọ nípa àwọ̀. Gbólóhùn mẹ́wàá, ìlérí márùn-ún, ìdajì ìwé náà sì ti lọ lásán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe níbí ni pé wọ́n á wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n á yọ "ojúlówó" kejì kúrò, wọ́n á fi "gidi" sí i, tàbí "àtàtà". Ìyẹn kò tún nǹkan kan ṣe. Ẹni tó ń kà á kò ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tuntun ló ń wá, kò sì sí ohun tuntun níbẹ̀. Ẹ fa igi lé gbólóhùn tó jẹ́ àtúnsọ, kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo fún ìgbà díẹ̀. Àyè yẹn la máa lò.

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ti fún wa lọ́fẹ̀ẹ́

Ìgbésẹ̀ kejì, mo ní kó ṣí Wásáàpù rẹ̀, kó lọ sẹ́yìn ní oṣù kan, kó sì ka gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í nípa bùbù yẹn sí mi létí. Èmi ń kọ, òun ń kà. Kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ìbéèrè náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. "Mo ga díẹ̀, ṣé ó máa dé ilẹ̀ fún mi?" "Ṣé ó máa ń ṣí?" "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ní àpò?" "Àyà mi tóbi, ṣé ó máa gbà mí?" "Ṣé inú kì í hàn?" "Èló ni, pẹ̀lú kí wọ́n gbé e dé Muṣin?" Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè pé ṣé àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni àbí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Ẹ fi ìwé ìbéèrè yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí márùn-ún yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àlàyé náà sọ pé aṣọ dára, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó dára, nítorí fọ́tò ti sọ ọ́. Gígùn rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè jù, kò sí níbẹ̀ rárá. Àpò kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpò méjì ló wà lára aṣọ náà! Ìyálọ́jà yìí ti sanwó fún télọ̀ láti rán àpò sí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tí ọjà bá jẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀, ẹ gbé e fún ẹnì kan tí kò bá yín ta á, kí ẹ sì wo ohun tó kọ́kọ́ ṣe sí i. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣe ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè yìí máa ń yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà. Ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ láti Ládipọ̀, ní Muṣin, kò nílò àyà tàbí gígùn. Ọkọ̀ wo ló bá mu, ti ọdún wo, apá ọ̀tún ni àbí òsì, tuntun ni àbí tòkunbọ̀, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára rẹ̀: ibẹ̀ ni ti wọn wà, ẹni tó bá sì fi "ojúlówó" rọ́pò nọ́ńbà yẹn á máa gba ọjà padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì lójoojúmọ́.

Kí téèpù àti omi sọ̀rọ̀

Ìgbésẹ̀ kẹta ló gba àkókò jù, òun náà ló sì ń sọ àlàyé di ohun tó ń ta ọjà. Ìlérí kọ̀ọ̀kan tó kù, ẹ gbé e padà sára ọjà fúnra rẹ̀, kí ẹ wá ohun tí ojú tàbí ọwọ́ lè rí tó fi jẹ́ òtítọ́. Tí ẹ bá rí i, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ yọ ìlérí kúrò. Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ìlérí yẹn kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, ẹ jẹ́ kó lọ.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gbogbo èèyàn ló bá mu". A tẹ́ bùbù náà sórí tábìlì, a sì fi téèpù wọ̀n ọ́. Láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ínṣì 54 ni. Fífẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ abíyá, ínṣì 30 ni ní títẹ́, èyí tó jẹ́ 60 yípo. Nọ́ńbà nìkan kò tó, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ bí ínṣì 54 ṣe rí lára àwọn fúnra wọn. A ní kí ọmọbìnrin tó ń bá ìyálọ́jà náà ṣiṣẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 4 ni gíga rẹ̀, aṣọ náà sì bò ó dé òkè àtẹ́lẹsẹ̀. Aládùúgbò kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 9 náà wọ̀ ọ́. Tirẹ̀ dúró díẹ̀ sókè ọrùn ẹsẹ̀. Ara èèyàn méjì yìí ló gbé nọ́ńbà náà jáde. Ẹni tó ń kà á yóò mọ èyí tí òun súnmọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da ìwọ̀n tí ẹni tó kó ọjà tàbí ẹni tó rán aṣọ fún yín kọ. Ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́. Aṣọ òwú máa ń súnkì, télọ̀ máa ń ṣe àṣìṣe ínṣì kan tàbí méjì, aṣọ tó sì kúrú ní ínṣì méjì sí ohun tí a kọ ti di ìjà.

Ọ̀rọ̀ "àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí rárá" ló wá kàn. Àjákù aṣọ náà ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀, a bẹ̀ ẹ́ kó fún wa. A fi àkísà funfun tó tutù ra á dáadáa nígbà mẹ́wàá: àwọ̀ aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hàn lára àkísà. A rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n omi ọṣẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: omi di búlúù. A da omi nù, a tún un ṣe, omi kejì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ó ti rí kí a tó rẹ ẹ́. Aṣọ fúnra rẹ̀ kò pàwọ̀ dà lójú wa.

Ojú ìyálọ́jà náà fà ro nígbà tó rí omi àkọ́kọ́, nítorí ohun tó kọ kì í ṣe òótọ́, kò sì mọ̀. Mo sọ fún un pé ohun tó wà níwájú wa yìí dára ju ohun tó kọ lọ. Ẹni tó bá ti ra àdìrẹ rí mọ̀ pé aró tí kò dúró dáadáa nínú òwú máa kọ́kọ́ bá omi lọ. Tó bá ka "kì í ṣí rárá", á mọ̀ pé wọ́n ń tan òun. Tó bá ka pé ìfọ̀ méjì àkọ́kọ́ ni omi máa ní àwọ̀, pé kó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, pé láti ìkẹta lọ omi ti mọ́, á mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ti fọ aṣọ yìí wò. Ìgbàgbọ́ yẹn máa tàn dé gbogbo gbólóhùn tó kù.

"Ojúlówó" ló le jù. Ohun tí ojú lè rí wà: lára àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ pa láró, iṣẹ́ náà máa ń hàn ní ojú àti ní ẹ̀yìn aṣọ, nígbà tí ti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣe bàìbàì ní ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í bára mu pátápátá láti ibì kan sí ibòmíràn. Ti ẹ̀rọ ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. A yí bùbù náà sódì, iṣẹ́ hàn dáadáa. Mo wá béèrè pé irú àdìrẹ wo ni. Ó ní ẹlẹ́kọ. Mo ní kó pe ẹni tó ń kó aṣọ fún un láti Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kó bi í léèrè. Ẹni yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní àbẹ́là yíyọ́ làwọn fi ń ṣe é, pé ẹ̀kọ ti gba àkókò jù fún irú iye yẹn.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya sára aṣọ, tàbí kí wọ́n fi bàtànì tẹ̀ ẹ́, kí aró má baà dé ibẹ̀. Oníkó ni èyí tí wọ́n fi okùn dì, alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán kí wọ́n tó rì í sínú aró. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe kì í ṣe ayédèrú, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́kọ. Ká ní a fi ẹlẹ́kọ sínú àlàyé nítorí pé ó dùn létí, irọ́ ni a ìbá pa fún ẹni tó mọ ìyàtọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń sanwó jù.

Òfin pàápàá wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, kọ àlàyé èké tàbí èyí tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Ó ní ọjà tí èèyàn fi àlàyé rà gbọ́dọ̀ bá àlàyé náà mu. Ó tún ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn, nítorí náà àṣà "ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀" kò bójú mu. Ẹ kọ náírà síbẹ̀. Ìbéèrè kan ti dín kù nìyẹn.

"Ó tọ́jọ́" rọrùn. A yí ojú rírán síta: ìlà òwú méjì ni télọ̀ fi rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ti fi máṣíìnì kó etí aṣọ nínú kó má baà tú. Ohun tí a kọ nìyẹn. Bó ṣe máa pẹ́ tó, oníbàárà á fi ìyẹn ṣírò fúnra rẹ̀.

Bí ó ṣe jáde

Orúkọ ọjà: Bùbù àdìrẹ òwú, aró dúdú, gígùn ínṣì 54, àpò méjì.

"Ẹni tó bá wọ bùbù yìí lọ síbi ìsọmọlórúkọ láàárọ̀ Sátidé lè wọ̀ ọ́ dáná nígbà tó bá délé, òwú ni látòkè délẹ̀, atẹ́gùn ń gbà á kọjá, inú kò sì hàn, kódà bí ẹ bá dúró lójú oòrùn.

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọwọ́ pa á láró. Àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi ya iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹ máa rí i lójú àti lẹ́yìn aṣọ, ti ẹnì kan kò sì ní jọ ti ẹnì kejì tán.

Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 4, ó máa bò ó dé òkè àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni 5 àti ínṣì 9, ó máa dúró díẹ̀ sókè ọrùn ẹsẹ̀. Ínṣì 60 ni yípo àyà. Ó máa gba ẹni tí àyà tàbí ìdí rẹ̀ kò bá ju 54 lọ láìfún un.

Àpò kọ̀ọ̀kan gba fóònù ńlá. Ìlà òwú méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí aṣọ sì ti di kíkó nínú.

Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà méjì àkọ́kọ́, omi máa ní àwọ̀ aró. Láti ìkẹta lọ, omi ti mọ́."

Ẹ kà á sókè. Kò sí ìlérí tó wá lẹ́ẹ̀mejì. "Ojúlówó", "ó tọ́jọ́" àti "ó dára" ti pòórá, síbẹ̀ ẹni tó kà á tán á gbà pé ojúlówó ni, pé ó tọ́jọ́, pé ó dára. Mo fi nọ́ńbà 54 pẹ̀lú 60 síbẹ̀ nítorí bùbù gbọ́dọ̀ ní àyè tó fi ń fẹ́. Ínṣì mẹ́fà yẹn ló mú kó jẹ́ bùbù dípò kábà tó fún.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn àkọ́kọ́. Òun nìkan ló ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan han ẹni tó ń kà, mo sì fi síwájú nítorí pé lórí Ínsítágíráàmù, ìlà kan sí méjì péré ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ "more". Tí gbogbo àlàyé bá jẹ́ nọ́ńbà, á dà bí ìwé ilé ẹjọ́. Tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, á padà di àtúnsọ: ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí òde, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà. Ẹyọ kan tó, tó bá jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òótọ́.

Nígbà tí ọjà bá jẹ́ ogún

Bùbù mọ́kàndínlógún mìíràn wà ní ìsọ̀ náà, àlàyé kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí ni àtúnsọ tí ọ̀pọ̀ kì í rí, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wo àwọn ojú ewé wọn. Oníbàárà kì í wo ọ̀kan. Ó ń ṣí mẹ́ta, mẹ́rin, láti fi wọ́n wéra.

Ẹ ya ohun tó kan gbogbo wọn sọ́tọ̀. Owó gbígbé ọjà dé Yábàá, Muṣin àti Sùúrùlérè, bí a ṣe ń dá ọjà padà, ọjọ́ tí ẹ máa ń ránṣẹ́: ẹ kọ wọ́n sí ibì kan ṣoṣo ní ìsọ̀ yín, kí wọ́n kúrò lára ọjà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ya ọjà kan sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni kó wà nínú àlàyé tirẹ̀. Láti dán an wò, ẹ fi ọwọ́ bo fọ́tò àti orúkọ bùbù méjì, kí ẹ ka àlàyé wọn fún ẹlòmíràn. Tí kò bá lè mọ èyí tó jẹ́ ti èwo, iṣẹ́ kù. Nígbà tí a ṣe é ní Àgùdà, a rí i pé méjì nínú wọn jẹ́ oníkó, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ rí.

Àwọn àtúnsọ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gé. Orúkọ ọjà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọlé àti nínú àlàyé, nítorí "bùbù àdìrẹ" ni èèyàn máa tẹ̀ nígbà tó bá ń wá a. Ìkìlọ̀ nípa ìfọ̀ gbọ́dọ̀ tún wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì lè ti kọjá láti ìgbà tí ẹni náà ti ka àlàyé. Bí ẹ bá sì ń gbé ọjà sórí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù, ibẹ̀ jọ títì Ojúẹlẹ́gba: àwọn tó ń kọjá ń yí padà, ẹ lè polówó ohun kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé àlàyé tuntun sókè, ẹ máa kọ ìbéèrè tó bá wọlé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbéèrè tí àlàyé ti dáhùn, tí wọ́n ṣì ń béèrè, ó wà níbi tí ojú kò dé: ẹ gbé e sókè. Ìbéèrè tuntun máa wá pẹ̀lú. Ti Àgùdà, ọ̀rọ̀ gígùn dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ àpò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan láti Muṣin béèrè pé ṣé òun lè fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, àbí àbẹ́là máa yọ́ jáde. Ìyálọ́jà náà pè mí. A tún pe Ìtòkú. Wọ́n ní omi gbígbóná ti fọ àbẹ́là náà kúrò kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n pé ó lè ṣẹ́kù díẹ̀ sí ibi tí aṣọ ti ká pọ̀. A lọ àjákù náà lórí ìwé funfun, àmì òróró kékeré kan hàn ní igun kan. A wá fi gbólóhùn kan kún ìpínrọ̀ ìkẹyìn: "Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ìwé funfun lé e lórí àti sábẹ́ rẹ̀, kó lè fa àbẹ́là tó bá ṣẹ́kù."